Aago Súlù: Ọjọ́rú ni àbí Ọjọ́bọ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ìpẹru ni mo ń gbé, mo ń kọ́ iṣẹ́ ṣíṣètò ìrìnnà bàálù. Ọ̀gá mi ní kí n kọ pùláànì fún bàálù tó máa gbéra l'Ékòó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú òru, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2025. Mo kọ 0020. Ó ní aago Álífà ni mo kọ, pé Súlù ni wọ́n ń fẹ́. Èmi rò pé Súlù ni aago Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbẹ̀ pè wá nígbà Ojúde Ọba, mo bi í léèrè, ó ní aago tiwọn àti tiwa kò yàtọ̀. Mo tún kọ 0020, ọ̀gá tún dá a padà. Kí ni Álífà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, báwo ni kí n sì ṣe kọ ọ́?"

Ọmọ mi, `2320` ni kí o kọ, ọjọ́ 11 ni kí o sì fi sí i, kì í ṣe ọjọ́ 12. Bí o bá tún aago ṣe tí o gbàgbé ọjọ́, wàhálà kò tíì tán, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́ fún ọ o. Òótọ́ ni pé aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa kì í yàtọ̀ nínú oṣù Kẹfà. Ohun tí kò sọ fún ọ ni pé Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ kì í lo aago Súlù nínú oṣù Kẹfà.

Súlù ni orúkọ tí à ń pe lẹ́tà Z lórí rédíò, kí ẹni tó ń gbọ́ má baà ṣì í gbọ́ mọ́ lẹ́tà mìíràn. Z yìí dúró fún òdo: aago tí kò ṣíwájú, tí kò sì rẹ̀yìn, tí a ti ń ka gbogbo aago tó kù. Lórí kọ̀ǹpútà, wàá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí `UTC`. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò láyé ijọ́un mọ̀ ọ́n sí GMT. Fún iṣẹ́ tìrẹ ọ̀kan náà ni wọ́n, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn mìíràn rò pé ó tan mọ́ ẹ̀yà Súlù ti Gúúsù Áfíríkà. Kò tan mọ́ wọn rárá, aago Gúúsù Áfíríkà tilẹ̀ fi wákàtí méjì ṣíwájú aago Súlù. Kí àwọn orúkọ lẹ́tà tí à ń lò lónìí tó fìdí múlẹ̀ ní 1956, Sébírà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ń pe Z, aago Sébírà ni wọ́n sì ń sọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Láti orí òdo yẹn, bí o bá kọjú sí ìlà oòrùn, wákàtí kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà kan. Ibi tó fi wákàtí kan ṣíwájú ni A, Álífà; ibẹ̀ ni Nàìjíríà wà. Ibi tó fi méjì ṣíwájú ni B, Bíráfò, ti Gúúsù Áfíríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́ta ni C, Ṣáálì, ti Sáúdì, ìdí nìyẹn tí àwọn alálàájì wa fi ń bá aago tó fi wákàtí méjì ṣíwájú tilé pàdé bí wọ́n bá balẹ̀ sí Jídà. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé M, Máìkì, tó fi wákàtí méjìlá ṣíwájú. Bí o bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, N ló bẹ̀rẹ̀, òun fi wákàtí kan rẹ̀yìn, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Y, Yáńkì, tó fi méjìlá rẹ̀yìn. Máìkì àti Yáńkì pàdé ní òdì kejì ayé: aago wọn kan náà ni, ọjọ́ wọn ló yàtọ̀. J nìkan ni wọn kò fún ní ibì kan. Màá padà sórí rẹ̀.

Ohun kan wà níbí tó máa ń tú ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n dáadáa: lẹ́tà kì í tẹ̀lé oòrùn, òfin ìlú ló ń tẹ̀lé. Bí a bá ní ká fi oòrùn wò ó, Ìjẹ̀bú-Òde kò sí ní Álífà rárá. A kò jìnnà tó digirí mẹ́rin sí ìlà oòrùn Gírínìṣì, ibi tí òdo yẹn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ni digirí kan, nítorí náà oòrùn ń dé orí wa ní bí ìṣẹ́jú 15 sí 16 péré ṣáájú tiwọn. Lórí àwòrán tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń lò, agbègbè Súlù bẹ̀rẹ̀ láti digirí méje ààbọ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn, ó parí sí digirí méje ààbọ̀ níhà ìlà oòrùn, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ láti 1919 ni ìjọba ti fi aago gbogbo Nàìjíríà sí wákàtí kan ṣíwájú òdo. Ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í dé àtàrí wa ní aago méjìlá gééré. Ní ìpíndọ́gba, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 44 ló ń débẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì lè fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yá tàbí pẹ́ bí oṣù bá ti ń yí. Bi ladánì tó ń pe ìrun Àìlà, ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà má fi òjìji wá lẹ́tà ìlú kan, má sì fi àwòrán ayé wá a. Ohun tí ìlú náà fi ṣe òfin lọ́jọ́ tí bàálù máa gbéra ni kí o béèrè.

Òfin yìí kan náà ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ. Ní 2025, Lọ́ńdọ̀nù gbé aago wọn síwájú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, wọn kò sì ní dá a padà títí di ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, Álífà ni Lọ́ńdọ̀nù, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n máa ń bọ́ sórí Súlù. Ẹni tó bá ń fi aago Lọ́ńdọ̀nù mọ Súlù yóò gbà á bó ṣe yẹ fún oṣù márùn-ún, yóò sì ṣì í fún oṣù méje. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé oṣù márùn-ún tó fi ń gbà á yẹn ni yóò jẹ́ kó gbà pé òun mọ̀ ọ́n.

Bí o bá fẹ́ ìlú tí o lè fi rántí Súlù láì yẹ̀, Àkírà ni, olú-ìlú Gánà. Súlù ni wọ́n ń lò láti oṣù Kínní dé oṣù Kejìlá. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ rajà mọ ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe orúkọ lẹ́tà kankan sí wọn létí. Wọ́n á kọjá ní Kútọ̀nù, aago ọwọ́ wọn kò ní yí, nítorí Álífà ni Bẹ̀nẹ̀ náà. Bí mọ́tò bá ti dá ẹnubodè Ìlákọ́ńjì kọjá wọ Tógò, fóònù wọn á fi wákàtí kan padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wọn ti bọ́ sí Súlù nìyẹn, títí wọ́n á fi dé Àkírà. Bí o bá ń ṣiyèméjì lórí tábìlì rẹ, bi ara rẹ léèrè pé aago mélòó ló lù ní Àkírà báyìí. Kò ní já ọ kulẹ̀.

Ó yá, ká ṣe iṣẹ́ tìrẹ. Aago tí ọ̀gá rẹ fún ọ jẹ́ aago ìlú: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, `0020`, Álífà. Álífà fi wákàtí kan ṣíwájú, nítorí náà a ó yọ wákàtí kan kúrò kí ó tó di Súlù. Nínú `0020`, kò sí wákàtí tí a lè yọ. Ìṣẹ́jú ogún péré ló wà níbẹ̀, àfi kí a ya ogójì yòókù lọ́wọ́ ọjọ́ àná. Yá a, wàá bá ara rẹ ní `2320`, ọjọ́ 11, Ọjọ́rú. Ọjọ́ gbọ́dọ̀ bá aago rìn. Lórí fọ́ọ̀mù pùláànì, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń tún ọ̀kan ṣe tí yóò fi èkejì sílẹ̀:

```
-DNMM2320
-EGLL0620
-DOF/250611
```

`DNMM` ni pápákọ̀ òfurufú Èkó, nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni ìgbà tí bàálù máa kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Kì í ṣe ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kúrò nílẹ̀ o. `DOF` ni ọjọ́ ìrìnnà: ọdún, oṣù, ọjọ́. Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù ló ń wà, níbi tí ojú ti ń rẹ ènìyàn kó tó débẹ̀. Wo ìlà kejì dáadáa. `EGLL` ni pápákọ̀ Hitírò ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n `0620` iwájú rẹ̀ kì í ṣe aago. Iye wákàtí tí ìrìn náà máa gbà lófuurufú ni, wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́ pé "yọ wákàtí kan" tó sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ náà, ó sọ ìrìn wákàtí mẹ́fà di ti wákàtí márùn-ún. Gígùn ìrìn kò ní lẹ́tà. Má fọwọ́ kàn án.

Èyí tó yẹ kó mú ọ lọ́kàn jù ni pé bí o bá kọ `0020`, kọ̀ǹpútà kò ní bá ọ jà. `0020` jẹ́ aago gidi ní Súlù, ọjọ́ 12 náà sì jẹ́ ọjọ́ gidi. Yóò gbà á, pùláànì á lọ, gbogbo ènìyàn á sì gbà pé bàálù rẹ ń lọ ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú òru. Awakọ̀ rẹ á ti gbé èrò sínú, á ké sí ilé ìṣọ́ ní `2320` Súlù pé òun ti ṣetán, ohun tó wà níwájú àwọn yẹn á sì fi wákàtí kan gbáko jìnnà sí ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ pé kó pẹ́ díẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí bàálù tí wọ́n ń darí bá máa fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ pẹ́ sí aago inú pùláànì, dandan ni kí a tún pùláànì ṣe tàbí kí a fagi lé e ká kọ òmíràn. Ó wá fi hàn ọ́ pé wákàtí kan tí ìwọ kà sí kékeré ti kọjá ohun tí wọ́n lè gbójú fò.

Ó rọrùn láti fi ìwọ̀n àṣìṣe mọ irú rẹ̀, èyí ló sì ti ràn mí lọ́wọ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ pé aago rẹ fi wákàtí kan péré yàtọ̀, o gbàgbé láti yí i padà ni, Álífà lo kọ. Bí ó bá jẹ́ wákàtí méjì géérégé, o yí i padà, àmọ́ òdì lo yí i sí: o fi kún un níbi tó yẹ kí o ti yọ, o kọ `0120`. Bí ó bá jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlélógún, o tún aago ṣe, o fi ọjọ́ sílẹ̀: `2320` ọjọ́ 12 ni o kọ, ìyẹn ni aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú òru mọ́jú Ẹtì. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló burú jù, nítorí lálẹ́ ọjọ́ tí bàálù máa gbéra gan-an, wọ́n á wá pùláànì rẹ, wọn kò ní rí i. Ti ọjọ́ kejì ló wà lọ́wọ́ wọn.

Lójú tèmi, ẹni tó ń fi èdè wa ronú kò yẹ kó ṣìnà lórí ọjọ́ yìí rárá. Gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀. A kì í gbà pé Ọjọ́bọ̀ ti dé nítorí pé aago lu méjìlá. Ọjọ́rú ṣì ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàálù tìrẹ yìí, òru Ọjọ́rú ló ń lọ, Súlù náà sì pe ọjọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ìwé ìrìnnà èrò ni ó kọ Ọjọ́bọ̀ sí i, nítorí aago ìlú tí wọ́n ti ń gbéra ni wọ́n máa ń tẹ̀ sórí ìwé èrò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn wa fi máa ń gbé ẹrù dé pápákọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí bàálù sì ti lọ láti òru àná. Nígbàkúgbà tí wọ́n bá fún ọ ní aago tó wà láàárín `0000` sí `0059` nílé, kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú "mọ́jú" kí o tó gbé kálámù. Wákàtí kan ṣoṣo yẹn ni ọjọ́ tiwa àti ọjọ́ Súlù máa ń yàtọ̀ síra. Nínú mẹ́tàlélógún yòókù, ọjọ́ kan náà ni wọ́n.

Ìwọ yóò bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú ìròyìn ojú ọjọ́ náà. Ká ní o jókòó ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún òru yẹn, tí o ṣí ìròyìn Èkó, tí o rí nǹkan báyìí, tí mo kàn kọ fún àpẹẹrẹ:

```
METAR DNMM 112300Z 21006KT 9999 BKN012 26/24 Q1013
```

Ojú rẹ á kọ́kọ́ bá `11`, ọkàn rẹ á sì sọ pé ti àná nìyí, pé ó ti gbó. Kò gbó. `112300Z` ni ọjọ́ 11, aago 2300 Súlù, ìyẹn ni aago méjìlá òru nílé, ìṣẹ́jú márùn-ún péré sẹ́yìn. Ní ti ìsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, wàá rí `1118/1224`. Láti ọjọ́ 11 aago 18 ni, dé òpin ọjọ́ 12. Z kò sí lẹ́nu rẹ̀, Súlù náà ni. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní `NOTAM` kò ní Z lórí ọjọ́ àti aago rẹ̀ pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́wàá ni wọ́n máa ń kọ fún ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá fún òpin, ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú. Súlù ni gbogbo wọn.

Ibi tí Z kò ti sí yẹn ni èmi gan-an ti kọsẹ̀. Mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, kì í ṣe pé mo jẹ́ ọmọ tuntun. Wọ́n ń tún rọ́nwéè ṣe lóru ní pápákọ̀ kan, ìkìlọ̀ sì sọ pé yóò wà ní títì títí di `0500`. Mo kà á, mo kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé rọ́nwéè á ṣí ní aago márùn-ún ìdájí, mo sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò sínú bàálù láago mẹ́rin ààbọ̀. Nígbà tó di aago márùn-ún, awakọ̀ ké sí ilé ìṣọ́ pé òun fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì. Mo ń gbọ́ wọn lórí rédíò. Ọkùnrin ilé ìṣọ́ ní rọ́nwéè wà ní títì títí di odo-márùn-ún-odo-odo. Awakọ̀ ní aago yẹn ti lù. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ aago fún un: odo-mẹ́rin-odo-odo. Kò tilẹ̀ sọ Súlù mọ́ ọn, nítorí kò sí aago mìíràn lórí ògiri wọn. Aago tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lọ yàtọ̀ sí òdo.

Mo wo bọ́ọ̀dù mi, mo rí ọwọ́ ara mi níbẹ̀. Wákàtí kan ni àwọn èrò fi jókòó nínú ooru, àwọn ọmọdé ń sunkún, wákàtí iṣẹ́ tí òfin gba àwọn awakọ̀ láyè láti ṣe sì ń jẹ lọ lórí ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í kọ aago kankan sórí nǹkan kan láì fi lẹ́tà rẹ̀ sí i. Bí mo bá ń kọ `0500Z` sórí bọ́ọ̀dù, `0600A` ló máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lórí ìlà kan náà, kí ẹni tó ń gbé èrò sínú bàálù àti ẹni tó ń bá ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀ lè ka ohun kan náà.

Ní ti ohun tí o béèrè lórí Álífà, iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun ni o ti máa rí i jù. Nínú iṣẹ́ bàálù èrò, Súlù nìkan ni ìwọ yóò máa kọ lórí ìwé. Lẹ́tà yòókù, ẹnu lásán ni, bí ọ̀gá rẹ ṣe sọ ọ́ fún ọ. Àwọn ológun ní tiwọn máa ń lo èyíkéyìí nínú lẹ́tà wọ̀nyí, wọ́n sì ń so ọjọ́, aago àti lẹ́tà pọ̀ sójú kan ṣoṣo lórí ìwé àṣẹ:

```
120020A JUN 25
112320Z JUN 25
```

Ìgbà kan náà ni àwọn ìlà méjèèjì yẹn, ìgbà tí bàálù rẹ máa gbéra. Ṣàkíyèsí pé ọjọ́ ló ṣíwájú, kò ṣeé tún aago ṣe níbẹ̀ kí o má rí i. Ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹjọ 1990, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí Mọ̀nrófíà, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ bọ́ sórí aago Súlù, nítorí òun ni aago Làìbéríà. Èkó tí ìjọba wà nígbà náà ń lo Álífà. Bí ẹnì kan bá kọ `0600` lásán láti Èkó pé kí ọkọ̀ ojú omi gbéra, ẹni tó wà ní Mọ̀nrófíà lè kà á sí aago mẹ́fà tirẹ̀, wákàtí kan á sì ti wọ àárín àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ ṣe nǹkan pọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo níwájú nọ́ńbà ló ń dí ihò yẹn. Ìwé àṣẹ wọn tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ láti òkè pé lẹ́tà báyìí ni gbogbo aago inú ìwé yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tirẹ̀ kà á.

J tí mo ní màá padà sórí rẹ̀, Júlíẹ́ẹ̀tì, aago ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà ni wọ́n fi í dúró fún, ibi yòówù kí ó jẹ́. Ó wúlò láàárín àwọn tó jọ wà lójú kan. Bí o bá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, kò sọ nǹkan kan fún un. Àwọn lẹ́tà yòókù náà ní ààlà tiwọn, nítorí wákàtí odidi ni wọ́n ń kà. Aago Íńdíà fi wákàtí márùn-ún àbọ̀ ṣíwájú òdo, ó bọ́ sáàárín E àti F, kò sí lẹ́tà tó gbà á. Àwọn ológun kan máa ń fi ìràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ E láti fi tọ́ka sí i. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá kọ Súlù, màá sì gba ara mi kúrò lọ́wọ́ ìràwọ̀.

Wá lọ síbi pùláànì tó wà níwájú rẹ. Kọ aago ìlú àti ọjọ́ ìlú sí etí ìwé pẹ̀lú A. Yọ wákàtí kan. Bí ìyọkúrò náà bá kọjá òru lọ sẹ́yìn, fa ilà sábẹ́ ọjọ́ tuntun náà, kí o má kọ `DOF` títí o fi fa ilà yẹn. Lẹ́yìn náà, ka á padà láti ẹ̀yìn: `2320` ọjọ́ 11, fi wákàtí kan kún un, ṣé aago tí ọ̀gá fún ọ ló padà di? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, fi ránṣẹ́.

Tí o bá fẹ́ sọ ìgbà tí bàálù máa débẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, fi wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú kún `2320`, wàá bá `0540` Súlù ọjọ́ 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú tí bàálù fi ń rìn nílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn kò sí nínú rẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà, aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú àárọ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ wọn, òun náà sì ni lọ́dọ̀ wa. Tó bá wá di ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ẹ̀gbọ́n rẹ á pè, á ní aago wọn ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn tiwa. Bàálù tó bá dé ní `0540` Súlù nígbà náà, aago márùn-ún kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni òun máa rí lára ògiri. Ní tìrẹ, bí wọ́n bá ṣì ní kí o kọ pùláànì fún aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú òru l'Ékòó, `2320` ọjọ́ àná náà ni wàá kọ.